Báńkì ni kó dá a padà

"Àlááàtì owó ti wọ fóònù mi, ẹnì kan tó ní òun ló ṣèèṣì fi owó náà ránṣẹ́ sí mi sì ń bẹ̀bẹ̀ kíkankíkan. Ṣé kí n dá owó rẹ̀ padà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ báńkì kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ fúnra yín ṣí áàpù báńkì yín. Bí owó inú àkáǹtì ò bá lé sí i, irọ́ ni. Tó bá wọlé lóòótọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí. Bí ẹ bá san án sínú àkáǹtì mìíràn tí ẹni náà fún yín, tí báńkì sì wá gba ti àkọ́kọ́ padà, owó tiyín ló lọ yẹn. Ẹ ní kí báńkì yín dá a padà síbi tó ti wá.