Omi iyọ̀ kò lè dípò fífọ ewé

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Ẹ da iyọ̀ sómi, ẹ rẹ lẹ́túùsì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Gbogbo kòkòrò àrùn ti kú nìyẹn, ẹ máa jẹ ẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Iyọ̀ ìwọ̀nba yẹn kò tó pa kòkòrò àrùn. Bí ewé kan bá sì ní in, omi abọ́ lè gbé e dé ara ìyókù. Omi tó ń ṣàn àti ọwọ́ tó ń ra ewé ló ń ṣí wọn kúrò.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ ju ewé òde nù, kí ẹ já ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìdí ewé ni iyẹ̀pẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi ìka ra tojú tẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ inú abọ́ ni, ẹ kó ewé jáde kí ẹ tó da omi nù, kí yanrìn ìsàlẹ̀ má baà padà sára rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí ìsàlẹ̀ abọ́ ò fi ní yanrìn mọ́. Ẹ má lo ọṣẹ o, ewé lè fà á mu.

Èso tí ẹ máa bó náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọ̀bẹ ló ń ti ìdọ̀tí èèpo wọnú.

Fífọ̀ ń dín kòkòrò kù ni, kì í pa á tán. Aláboyún àti ẹni tí ara rẹ̀ ò lágbára láti gbógun ti àrùn, ewé tí wọ́n sè ló dáa fún wọn jù.