Èsì wa lórí sọ́séèjì tó di aláwọ̀ eérú

“Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ yín pupa dáadáa, ó sì pẹ́ nínú fíríjì. Èyí tí mo rà lọ́tẹ̀ yìí di aláwọ̀ eérú nígbà tí mo dín in, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, awọ rẹ̀ bẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ìyókù ti ń rùn. Ẹran tó ti bàjẹ́ lẹ tà fún mi.”

Oníbàárà wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú. Irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, àwa la sì jẹ̀bi tí a kò kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, iyọ̀ náítíráìtì la fi tọ́jú rẹ̀, a fi èéfín yan án, ó sì ti jinná kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Náítíráìtì máa ń so mọ́ èròjà tó mú ẹran pupa, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ṣí lórí iná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àwọ̀ nìkan la ṣe ń lò ó: ó ń dènà kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tí májèlé rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá ṣí ọ̀rá irú èyí, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríjì.

Èyí tí ẹ rà lọ́tẹ̀ yìí, tútù ni. Ẹran lílọ̀, ọ̀rá ẹran, èérún búrẹ́dì, iyọ̀ lásán àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán ló wà nínú rẹ̀. Kò sí náítíráìtì, nítorí náà ó ní láti di aláwọ̀ eérú bí ẹran sísè yòókù. Ọjọ́ kan tàbí méjì ló lè lò nínú fíríjì. Bí ẹ kò bá ní sè é láàárín ìgbà yẹn, inú fírísà ni kó wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Èyí tó ti ń rùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù. Dídín-in lẹ́ẹ̀kan sí i kò lè tún un ṣe.

Ní ti búrẹ́dì, kì í ṣe pé a fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Nínú kílò kan, gíráàmù 80 ni èérún búrẹ́dì gbígbẹ tí a pò mọ́ ọn. Bí iná bá kan ẹran, ó máa ń sún kì, á sì fún omi ara rẹ̀ jáde. Èérún yìí ló ń fa omi náà àti ọ̀rá tó yọ́ mu, kí gbogbo rẹ̀ má baà dà sínú páànù. Bó bá pọ̀ jù, sọ́séèjì á rọ̀ játijàti, kò ní ní adùn ẹran mọ́. Sọ́séèjì oníyọ̀ náítíráìtì náà lè ní irú àfikún bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi búrẹ́dì dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Orúkọ náítíráìtì tàbí nọ́ńbà rẹ̀, E250, ni kí ẹ wá lára ọ̀rá tí a fi dì í.

Awọ rẹ̀ jẹ́ ìfun àgùntàn tí a ha, tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, jíjẹ sì ni. Ti àkọ́kọ́ le jù ú lọ, torí kọlájìn inú awọ màlúù la fi ṣe é. Iná tó pọ̀ ló bẹ́ ti yín: omi inú rẹ̀ di ooru gbígbóná kó tó ráyè jáde. Iná díẹ̀ ni kí ẹ fi dín in, kí ẹ máa yí i, títí àárín rẹ̀ yóò fi gbóná dé 71°C. Ẹ má gún un, omi tí búrẹ́dì ń dì mú yóò jò lọ.

A ti ń kọ “TÚTÙ NI, Ẹ SÈ É KÍ Ẹ TÓ JẸ Ẹ́” sára èyí tí a ń tà báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é. Owó èyí tó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ń bọ̀.