Ẹ Fi Dọ́là Ka Èrè Epo Rọ̀bì

Ìròyìn òwò òkèèrè tún jáde láti Àbújá. Náírà ni wọ́n tún fi ka èrè rẹ̀, àwọn aláṣẹ sì tún ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. A ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí, a ó sì tún un sọ: ìlú tó ń fi dọ́là ta epo kò gbọdọ̀ máa fi náírà nìkan ka èrè.

Ẹ wo àgbá epo kan tí wọ́n tà ní 80 dọ́là. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà, 36,800 náírà ni àgbá náà jẹ́ nínú ìwé ìṣirò. Nígbà tí dọ́là di 1,500, àgbá kan náà di 120,000. Kò sí ẹ̀kán epo kan tó lé sí i. Kànga epo Ìlàjẹ kò mọ̀ pé náírà ṣubú. Ìpín tí OPEC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, fún wa àti èyí tí àwọn olè ṣẹ́ kù lójú páìpù la ń tà. Ẹni tó ń rà á kò sì rí ẹ̀dínwó kankan, nítorí dọ́là ló ti ń san látilẹ̀. Bí owó bá já wálẹ̀, ilẹ̀ tó ń rán aṣọ tà lè tà sí i. Epo rọ̀bì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlọ́po kan náà ló ń pa ọlọ́jà wa. Ká ní ọlọ́jà kan l'Ákùúrẹ́ kó súpéà pátì 2,000 dọ́là wọlé, tí owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 460, ọjà jẹ́ 920,000, kọ́sítọ́ọ̀mù 92,000. Ní 1,500, ọjà di mílíọ̀nù mẹ́ta, kọ́sítọ́ọ̀mù di 300,000. Owó-orí ọjà, ìdá 7.5, tún gun orí méjèèjì pọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ kúrò ní 1,087,900, ó di 3,547,500, a ò tíì ka owó ọkọ̀ láti Àpápá. Bí náírà bá sì gbérí díẹ̀, ọlọ́jà kì í tètè dínwó, nítorí iye tí yóò fi ra òmíràn ló ń bà á lẹ́rù. Àgbẹ̀ kòkó l'Óǹdó jèrè nínú dọ́là, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tó ń fín sí oko náà, òkèèrè ló ti ń wá.

Bí ọjà tí à ń kó wọlé bá wá dín kù, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí. Ṣé a ti ń ṣe é nílé ni, àbí owó kò sí lọ́wọ́ ẹni tí yóò rà á? Ìwé tí wọ́n fi náírà kọ kò lè sọ ọ́.

Ó ti sú wa. Kí àjọ ìṣirò kọ dọ́là àti iye àgbá sí ẹ̀gbẹ́ náírà. Kí báńkì àpapọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù fẹnu kò sí iye dọ́là kan tí yóò wà fún odindi oṣù mẹ́ta, kí ọlọ́jà lè ṣírò ọjà rẹ̀ kí ó tó sanwó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó fi owó Àbújá tó pọ̀ sí i ṣe fáàrí, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa iye àpò sìmẹ́ǹtì tí owó náà ń rà báyìí, àti iye tó ń rà ní 2023.