Ohùn Nìkan Kọ́ La Fi Ń Mọ Yẹ̀yẹ́

“Tí wọ́n bá ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn wọn máa yí padà. Bí ohùn ò bá ti yí, òótọ́ ni wọ́n ń sọ.”

Rárá o. Ìmọ̀ràn yìí máa kó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì lédè wa, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè láti máa yí i kiri fún yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Núpé kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Ílọrin. Aago mẹ́wàá ti lù kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá rẹ̀ ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ: “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wa. Ẹ mà tètè dé lónìí.” Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ni ẹ̀rín bá sọ.

Ohùn ọ̀gá ò yí rárá. Àmọ́ ó fi “ẹ” pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi “mà” tẹnu mọ́ ohun tí gbogbo wọn rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wò.

“Ẹ” nìkan ò tó ẹ̀rí ṣá o. Ìyàwó ilé ń fi í pe àbúrò ọkọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tọkàntọkàn ni. Tí ò bá dá ọmọ náà lójú, kó dáhùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀: “Ẹ má bínú, sà, mo pẹ́.” Bí ọ̀gá ò tiẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èsì yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́.