"Kí lẹ ń dúró dè?" kì í ṣe ìpè

Èrò ọkàn mi lónìí dá lórí gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí gbogbo àwa tí à ń kọ ojúewé ìpolówó jáwọ́ nínú rẹ̀: "Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ dára pọ̀ mọ́ wa lónìí!" Ẹ mọ̀ ọ́n, òun la fi ń ṣe ìpè, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé ṣe. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà, lókè bọ́tìnì, lẹ́yìn tí ènìyàn ti ka gbogbo àlàyé tán. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí pé àwọn tó ń kà dé ibẹ̀ kò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń pàdé wọn ni ọ̀rọ̀ tí a kò ronú sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ẹni tó ń dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti pinnu kó tó wọlé kì í sábà kà á tán. Bọ́tìnì òkè ló ń tẹ̀, ó ti lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn ti pa á dé láti ìpínrọ̀ kejì. Ẹni tó kù, tó ń kà á bọ̀ títí ó fi tán, ohun tí ẹ ń tà wù ú, àmọ́ nǹkan kan ṣì ń kọ ọ́ lóminú. Ariwo kọ́ ló ń wá. Tí a bá wá bi í pé kí ló ń dúró dè, ó ní ìdáhùn lẹ́nu. Àwa la kì í dúró gbọ́.

Obìnrin kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, orí ayélujára ló ti ń kọ́ wọn. Àlàyé ojúewé rẹ̀ yéni yékéyéké. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyí:

> Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ dára pọ̀ mọ́ wa lónìí, kí òwò yín lè yí padà!
>
> Bọ́tìnì: Fi ránṣẹ́

Fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ń béèrè orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, orúkọ òwò, àti bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ náà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni àwọn àmì mẹ́ta tó ń gbé ènìyàn lọ sí ojúewé rẹ̀ níbòmíràn.

Mo ní kó wá ẹni mẹ́ta tó ti kọ̀wé sí i rí àmọ́ tí wọn kò forúkọ sílẹ̀, kó bi wọ́n pé kí ló dá wọn dúró gan-an. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa gbowó lọ́wọ́ mi ní kété tí mo bá tẹ̀ ẹ́." Ẹnì kejì ní alẹ́ nìkan lòun máa ń ráyè, òun ò sì mọ àsìkò tí wọ́n ń ṣe kíláàsì náà. Ẹnì kẹta ní tóun bá fi nọ́ńbà òun sílẹ̀, wọ́n á máa pe òun ṣáá. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójúewé náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, fídíò ni gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Àárín ojúewé ló kọ wọ́n sí, níbi tí ojú ti sáré kọjá, wọn kò sí níbi tí ọwọ́ ti fẹ́ tẹ nǹkan.

A tún un kọ báyìí:

> Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ ó kọ owó ọjà ọjọ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú wa, ẹ ó sì fojú ara yín rí èrè tàbí àdánù ọjọ́ náà.
>
> Bọ́tìnì: Mo fẹ́ wo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́
>
> Ímeèlì yín nìkan ló tó. A kì í gbowó níbí, a kì í sì pe fóònù yín. Ẹ lè wò ó nígbàkígbà.

Ìgbésẹ̀ tí à ń béèrè ti kéré sí i. A kò ní kó wọ inú ẹgbẹ́ kankan, a ní kó wo nǹkan kan tó mọ bó ṣe gùn tó àti ohun tó máa bá níbẹ̀. Gbogbo ìbẹ̀rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ti gba ìdáhùn lábẹ́ bọ́tìnì gan-an, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. "Fi ránṣẹ́" jẹ́ iṣẹ́ tí fọ́ọ̀mù ń ṣe, kì í ṣe ohun tí ọkàn ẹnikẹ́ni ń fẹ́. Ẹ fi "Mo fẹ́" ṣíwájú ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yín, kẹ́ ẹ kà á sókè. "Mo fẹ́ fi ránṣẹ́." Ta ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀? Nínú èdè wa, ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni a ti ń kí òǹkàwé ní "ẹ", a dé orí bọ́tìnì, a wá sọ pé "Forúkọ sílẹ̀", bí ẹni ń rán ọmọdé níṣẹ́. Àgbàlagbà tó ń kà á lè má sọ nǹkan kan, àmọ́ ó gbọ́ ọ. Tí bọ́tìnì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu òǹkàwé fúnra rẹ̀, "Mo fẹ́ wo…", ọ̀ràn náà ti tán.

Ti àwọ̀ bọ́tìnì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kó yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká, kí lẹ́tà orí rẹ̀ hàn kedere, kí àtàǹpàkò lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìṣìnà. Ó tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìṣirò. Ká ní ènìyàn 1,000 wọlé, 250 kà á dé ìsàlẹ̀, 10 tẹ bọ́tìnì ibẹ̀. Inú 250 la ti ń ka 10 yẹn, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní 30 péré ló dé ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ìpè sílẹ̀, òkè ni ìṣòro wà. Ẹ sì ka àwọn tó parí fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀. Tí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ bá pọ̀ sí i àmọ́ tí àwọn tó ń parí rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n bá lẹ́yìn bọ́tìnì yàtọ̀ sí ohun tí bọ́tìnì ṣèlérí.

Àwọn kan á ní ká kọ ìpè náà ní ọ̀nà méjì, ká gbé méjèèjì síta, ká wo èyí tó borí. Ó dára tí èrò bá pọ̀. Tí ẹni 3 nínú 100 bá ń forúkọ sílẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ dájú pé ó ti di 3.6, ẹ nílò nǹkan bí ènìyàn 14,000 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè, ó yá ju ìyẹn lọ.

Mo ní kó yọ àmì mẹ́ta ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, ó sì yọ wọ́n. Àmọ́ ó fi ìlà kékeré kan sí ipò wọn: "Ẹ ní ìbéèrè? Ẹ bi mí níbí." Mo kọ́kọ́ ta kò ó, mo ní òun náà á gbé òǹkàwé kúrò nídìí bọ́tìnì bíi ti àwọn àmì náà. Òun ló jàre. Méjì nínú àwọn tó kọ̀wé sí i níbẹ̀ béèrè bóyá dandan ni kí àwọn ní kọ̀ǹpútà. Ìlà tó wà lábẹ́ bọ́tìnì ti ní gbólóhùn kan sí i báyìí: "Fóònù yín ti tó."