Ta ló gbà á, ta ni wọ́n kàn dárúkọ?

Akọ̀wé Táńkè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ibi iṣẹ́ bùrẹ́dì ni mo wà ní Ìlọrin. Láàárọ̀ yìí, Jímọ̀ 13 Okúdù 2025, Alhaji ọ̀gá wa fi sikirinṣọ́ọ̀tì méje ránṣẹ́ sí mi: ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí Wásáàpù lálẹ́ àná nípa ṣọ́ọ̀bù wa tuntun ní Ọ̀fà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di mínítì, kí n kọ iṣẹ́ tó já lé oníkálukú lọ́wọ́ àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Èmi ò sí nínú gúrúùpù yẹn. Kò dá mi lójú pé àwọn tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gbà pé àwọn á ṣe é. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ìbejì
Akọ̀wé, má dààmú ara ẹ. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ló ni iṣẹ́. Tí àtàǹpàkò bá ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti gbà nìyẹn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù tí mo ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, orí ẹnikẹ́ni ò fọ́.

Alhaja Ọjà Ọba
Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Àtàǹpàkò wo? Èyí tí ènìyàn fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ máa wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, àtàǹpàkò lásán lẹ máa rí nínú sikirinṣọ́ọ̀tì. Ẹni tó wà nínú gúrúùpù ló lè tẹ̀ ẹ́ kó rí ẹni tó fi í síbẹ̀. Akọ̀wé, da ibi tó ta kókó jù síbí ká wò ó.

Akọ̀wé Táńkè
Ẹ ṣé, Alhaja. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni. Mo ti yọ àwàdà àárín rẹ̀ kúrò.

20:14, kò sí orúkọ: Ta ló máa gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí Ọ̀fà?
20:16, Ọmọ Dáadáa: Kúnlé lè gbé e lọ lọ́la. (Àtàǹpàkò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.)
20:31, Kúnlé Dírẹ́bà: Mọ́tò ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì o, ó di Mọ́ńdè.
20:40, kò sí orúkọ: Ó dáa, kó jẹ́ Túsìdeé.
20:52, Sikirat: Èmi á ra fílítà rẹ̀ kó tó lọ.
00:07, kò sí orúkọ: Owó fílítà á wọlé lọ́la.

Mo ti kọ ọ́ báyìí: Kúnlé, jẹnẹrétọ̀, Jímọ̀ 13 Okúdù. Ta wá ni Ọmọ Dáadáa?

Alhaja Ọjà Ọba
Ọ̀rọ̀ tí kò lórúkọ, tó wà lápá ọ̀tún, ti ẹni tó ya sikirinṣọ́ọ̀tì ni. Alhaji ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. “Ọmọ Dáadáa” sì ni orúkọ tí Alhaji fi tọ́jú nọ́ńbà ẹni yẹn sórí fóònù wọn. Bi wọ́n léèrè, má lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú mínítì kí wọ́n má fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Wàyí o, ìdí tí o fi kọ Jímọ̀ ni pé 20:16 lo dúró sí. Èmi máa ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn lórí nǹkan kan ni mo kọ́kọ́ ń wá, kí n tó wo bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, Túsìdeé lo máa kọ́kọ́ bá pàdé, ìyẹn Ìṣẹ́gun 17 Okúdù. Jímọ̀ ti kú láti 20:31, nígbà tí Kúnlé mẹ́nu ba mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹnu Alhaji ni Túsìdeé ti jáde. Kúnlé ò fèsì sí i. Ohun tí màá kọ rèé:

Gbígbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí Ọ̀fà: Kúnlé. Alhaji ló yàn án, òun ò tíì fèsì. Ìṣẹ́gun 17 Okúdù 2025, bí mọ́tò bá jáde ní Ajé 16.
Ríra fílítà: Sikirat, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbéra, bí owó bá ti wọlé.
Owó fílítà: Alhaji. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì yé wa.

Ọjọ́ ti yí sí Jímọ̀ ní 00:07. Tí a bá tẹ̀ lé aago, “lọ́la” jẹ́ Àbámẹ́ta 14. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni ẹni tí kò tíì sùn ṣì ń pè lọ́la. Má ṣe yan ọ̀kan fún Alhaji, béèrè. `Yesterday` àti `Today` tó o rí láàárín ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ni fóònù fi kà wọ́n. Tó o bá ṣí àwòrán yẹn lóṣù tó ń bọ̀, `Today` á ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in.

Ọmọ Ìgbómìnà
Alhaja, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Nínú ìpàdé ọmọ ìlú wa, ẹnì kan kọ ọ́ pé Sátidé la máa ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo wa fàtàǹpàkò sí i. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti yí i sí Sọ́ńdè, àtàǹpàkò wa ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá bu owó ìtanràn lé àwa tí a dé ní Sátidé tí a ò bá ẹnì kankan níbẹ̀! Báwo la ṣe lè gba owó wa?

Alhaja Ọjà Ọba
Ọ̀rọ̀ owó yín kọjá agbára mi o. Ṣùgbọ́n ó kan Akọ̀wé: bí o bá rí `Edited` lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, àwòrán ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹ. Má ka àtàǹpàkò abẹ́ rẹ̀ kún ìfọwọ́sí.

Adé Ọmù-Àrán
Kí la tún ń jà sí? Kí Alhaji lọ sí `Export chat`, kí wọ́n yan `Without media`. Gbogbo ọ̀rọ̀ á jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ á ṣì wà bí Alhaji ṣe tọ́jú wọn, ẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ Dáadáa. Tí ó bá jẹ́ àwòrán náà lẹ máa lò, Akọ̀wé, ẹ wò ó bóyá ìlà tó parí ọ̀kan tún hàn lókè èyí tó tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé Táńkè
Áà! Ìkarùn-ún parí sí 21:10, ìkẹfà bẹ̀rẹ̀ láti 21:36, kò sí ìlà kan tó jọra. Mo ti rò pé wọ́n kàn dákẹ́ ni.

Bàbá Ìbejì
Mo gbà pé àtàǹpàkò ò lórúkọ. Síbẹ̀, Alhaja, dírẹ́bà ni Kúnlé, Alhaji ló sì ń sanwó rẹ̀. Ìgbà wo ni dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í “gbà” tàbí “kọ̀”? Ọ̀gá ti ní Túsìdeé, Túsìdeé ni. Tí ẹ bá kọ “kò tíì fèsì”, ẹ ti fi ọmọ ọlọ́mọ hàn bí alágídí níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀.

Alhaja Ọjà Ọba
Tí mọ́tò bá ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Mínítì á ní Kúnlé gbà, Kúnlé á ní òun ò gbà, Akọ̀wé ni wọ́n máa dájú sọ.

Adé Ọmù-Àrán
Níbi tèmi, ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ohun tí ọ̀gá bá sọ ni gbèdéke. Mi ò sọ pé ó dáa.

Akọ̀wé Táńkè
Mo ti pe Alhaji. Wọ́n ní Jímọ̀ òní ni “lọ́la” yẹn, owó náà ti wọ àkáǹtì Sikirat. Wọ́n ti fi àwòrán tó sọnù ránṣẹ́: ẹnì kan ní mẹkáníìkì ò tíì rí páàtì mọ́tò náà rà. Mo ti kọ ìyẹn sábẹ́ Túsìdeé, mo sì fi “kò tíì fèsì” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì. Rísí tó ń tajà níwájú ni Ọmọ Dáadáa. Alhaji tẹ àtàǹpàkò 20:16 wò: Rísí fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.