Kì í ṣe àdéhùn ló ń yí i

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, láti ẹnu olùkọ́ ìṣirò ni: "Ṣebí wọ́n kàn fẹnu kò pé òòró ni kí wọ́n ya *i* sí ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé bí a bá sọ nọ́ńbà di púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń yí i ní dígírì 90." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ mú bébà gíráàfù, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ohun kan ṣoṣo tí a fún *i* ni pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, −1 ni yóò jáde. Ẹ wá mú 3 + 2*i*: láti òdo, ẹ rìn 3 lọ sọ́tùn-ún, 2 lọ sókè. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú *i*. 3 di 3*i*. 2*i* di 2*i*², ìyẹn −2. Ibi tuntun wa ni −2 + 3*i*.

Báwo ló ṣe jìnnà sí òdo sí? Ẹ sọ gígùn kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, 9 + 4 = 13. Ti èkejì, 4 + 9 = 13. Gígùn kò yí padà. Ẹ wá wọn àárín ojú àmì méjèèjì bákan náà: 5 ni ní ìbú, 1 ni ní òòró, 25 + 1 = 26. Àpapọ̀ 13 àti 13 gan-an nìyẹn! Òfin Pàítágọ́rásì sì sọ pé èyí kì í ṣẹlẹ̀ àfi bí igun tó wà ní òdo bá jẹ́ dígírì 90. Ẹ fi *a* àti *b* rọ́pò 3 àti 2, *a* + *bi* á di −*b* + *ai*, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ á ṣe rí.

Àwọn tó ń pè é ní àdéhùn kì í dán òmíràn wò. Ẹ ya ìlà *i* ní dígírì 60 dípò 90, kí ẹ wo ohun tó máa bàjẹ́. Láti 1 dé *i*, ẹ yí 60. Láti *i* dé −1, ẹ yí 120, bẹ́ẹ̀ *i* kan náà lẹ fi sọ méjèèjì di púpọ̀. Buru jù ni 1 + *i*: ó di −1 + *i*, gígùn rẹ̀ sì bọ́ láti √3 sí 1. Dígírì 90 nìkan ni ohun gbogbo ti bá ara mu. Caspar Wessel, awọnlẹ̀ tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Denmark ní 1797, àtiṣírò ìlà tó ní ìdojúkọ ló ń wá kiri, kì í ṣe ibi tí yóò kàn ya *i* sí.

Òótọ́ ni pé òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí a ya *i* sí jẹ́ àdéhùn. Bí ẹ bá yà á sísàlẹ̀, á yí sí òdìkejì, ṣùgbọ́n 90 náà ni.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé wọ́n á fi sẹ̀ńtímítà 2 ṣe ẹyọ kan lórí ìbú, kí wọ́n fi 1 ṣe é lórí òòró, wọ́n á wá ní kò yí dáadáa. Bí rúlà bá fi hàn pé gígùn ojú àmì méjèèjì sí òdo kò dọ́gba, ẹ yẹ ìwọ̀n ìlà yín wò.